Iṣẹ́ Kan Péré Ni Kí O Tọrọ, Kí O sì Mọ Orúkọ Rẹ̀

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ND ni mí, ìṣirò owó ni mò ń kọ́. Mò ń ṣe aití oṣù mẹ́rin ní ọ́fíìsì àwọn ọ́dítọ̀ kan ní Ìlọrin níbí, mo sì ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Látìgbà tí mo ti dé, fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe, mò ń ra oúnjẹ, mò ń gbé lẹ́tà lọ sí báǹkì. Gbogbo wọn ló ń rán mi níṣẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ gidi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rò pé mo gbéra ga tàbí pé ọ̀lẹ ni mí. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? (Ọmọbìnrin kan, Tanke)

*Ìdáhùn:* Má tọrọ "iṣẹ́ gidi" lọ́wọ́ wọn, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ aití ti ń bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ́fíìsì, mo sì mọ bó ṣe ń dún létí ọ̀gá. Ohun méjì ló máa gbọ́. Á gbọ́ pé gbogbo ohun tí òun ti ń fún ọ ṣe kì í ṣe iṣẹ́. Á tún gbọ́ pé o fẹ́ kí òun gbé ìwé oníbàárà tó wà níwájú òun sápá kan, kí òun wá jókòó máa ronú ohun tí òun lè fún ọ. Èyí ni kì í jẹ́ kí ó bọ́ sí i. Á ní "kò burú, a máa wò ó," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ o, àyè ìrònú yẹn ni kò ní.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí o tọrọ. Kí ó jẹ́ èyí tí o mọ orúkọ rẹ̀, tó sún mọ́ ìwé tó ti ń gba ọwọ́ rẹ kọjá tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó fún ọ sì lè yẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí o bá gbé irú rẹ̀ lọ bá ọ̀gá, kò ní ohun kan láti ronú lé lórí mọ́, àfi kó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì yẹn gan-an ni wàá ti rí i. Ọ́fíìsì ọ́dítọ̀ kì í dédé ṣe ẹ̀dà ìwé láìnídìí. Fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o tó gbé ìwé sórí ẹ̀rọ, wò ó dáadáa: irú ìwé wo ni, ta ló fún ọ, fáìlì wo ló sì ń kó ẹ̀dà rẹ̀ sí? Tí o bá délé nírọ̀lẹ́, kọ irú ìwé tí o rí sílẹ̀, má kọ orúkọ oníbàárà, má sì kọ iye owó kankan. Wàá rí i pé ìwé mẹ́ta mẹ́rin náà ló ń yípo: sítétímẹ́ǹtì báǹkì, fáọ́ṣà tí wọ́n fi sanwó, rìsíìtì tí wọ́n so mọ́ fáọ́ṣà, bóyá ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí èyí tí kò ní iṣẹ́ kékeré tirẹ̀ lẹ́yìn fọ́tòkọ́pì, ẹnì kan sì wà nínú ọ́fíìsì yẹn tí iṣẹ́ ọ̀hún ti sú.

Bí ó bá ṣe tèmi ni, sítétímẹ́ǹtì báǹkì ni màá mú, kí n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n rẹ́kọ́nsáìlì oṣù kan, ìyẹn ni pé kí n fi sítétímẹ́ǹtì wé ìwé owó tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ń kọ. Ìdí ni pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló máa sọ bóyá o yege. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á bára mu, tàbí kí wọ́n má bára mu.

Ká ní ilé-ìwé aládàáni kan ni oníbàárà. Ìwé owó tí akọ̀wé wọn ń kọ sọ pé ₦412,500 ló kù ní báǹkì nígbà tí oṣù parí. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì ní ₦436,200 ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦23,700. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ti máa rò pé báǹkì ṣìṣe, tàbí pé ẹnì kan ti jí nínú owó. Ìwọ á mú pẹ́ńsù, wàá tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú, wàá máa fi àmì sí owó tó bá wà nínú méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn tí kò ní àmì ló kù. Nínú ìwé ilé-ìwé, sọ̀wédowó ₦25,000 wà tí wọ́n kọ fún káfíńtà tó tún àga ṣe ní ọjọ́ 29, káfíńtà kò sì tíì gbé e lọ sí báǹkì. Nínú sítétímẹ́ǹtì, ₦1,300 wà tí báǹkì yọ fún owó iṣẹ́ wọn, akọ̀wé kò sì mọ̀ sí i. Yọ ₦25,000 kúrò nínú ti báǹkì, ó ku ₦411,200. Yọ ₦1,300 kúrò nínú ti ìwé owó, ó ku ₦411,200. Wọ́n ti pàdé nìyẹn.

Bí o bá ṣe tìrẹ tí kò pàdé, wo ìyàtọ̀ tó kù kí o tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè padà. Bí a bá lè fi mẹ́sàn-án pín in láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn: ó fẹ́ kọ ₦5,400, ó kọ ₦4,500, ìyàtọ̀ sì di ₦900. Wo inú ìwé fún irú rẹ̀ kọ́kọ́. Ọ̀gá tó bá rí i pé ọmọ aití mọ èyí, ojú tó fi ń wò ó á yí padà.

Fi àkáǹtì tìrẹ dánra wò nílé ṣáájú. Gba sítétímẹ́ǹtì oṣù kan láti inú fóònù rẹ, kọ gbogbo ìnáwó rẹ bí o ṣe rántí rẹ̀, kí o sì wá ibi tí wọ́n ti yapa. Àmọ́ má ṣe rò ó láé láti fi fóònù ya ìwé oníbàárà kí o lè lọ fi kọ́ṣẹ́ nílé. Mo mọ̀ pé èrò rere lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ńlá ni. Ọ̀rọ̀ owó ẹlòmíràn ni o gbé kiri yẹn. Ìlọrin kò sì tóbi tó bí ènìyàn ṣe rò. Ọmọ ẹni tó ni ìwé yẹn lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà ní Tanke. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ọmọ aití sí ìdí ẹ̀rọ, kí wọ́n máà jẹ́ kó sún mọ́ tábìlì. Ọ̀gá rẹ kò mọ̀ ọ́, kò mọ ẹni tí ò ń bá ṣeré, ó sì ti ṣèlérí fún oníbàárà pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní jáde. Bí o bá fẹ́ kí ó fún ọ ní ìwé, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ fọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí èyí, láìjẹ́ pé ó béèrè.

Ó ku ibi kan nínú lẹ́tà rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: "Gbogbo wọn ló ń rán mi níṣẹ́." Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá má mọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan ń rò pé tòun kéré, ó fẹ́ kí o bá òun ra ẹ̀wà, ẹlòmíràn fẹ́ káàdì, ẹlòmíràn ní kí o bá òun yọjú sí Post Office. Ọjọ́ ti lọ kí o tó fi ìdí jókòó. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìwé báyìí, ìgbà wo ni wàá ṣe é? Torí náà iṣẹ́ ìrán yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí o máa bá ọ̀gá sọ. Má ní kí wọ́n yéé rán ọ. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí o máa kó iṣẹ́ ìrán jọ, kí o jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago kan ọ̀sán, àfi èyí tó bá jẹ́ kánkán. Kí ẹnu tirẹ̀ sì ni àwọn yòókù ti gbọ́ ọ. Bí ìwọ fúnra rẹ bá lọ sọ fún àwọn Àǹtí àti Bọ̀dá pé aago kan ni o tó lè jáde, ìgbéraga tí ò ń sá fún nìyẹn.

Gbogbo iṣẹ́ ìrán kọ́ sì ni iṣẹ́ ìrán lásán. Lẹ́tà tí ò ń gbé lọ sí báǹkì yẹn, ṣé o ti béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀? Ọ́dítọ̀ máa ń kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n jẹ́rìí sí iye tó wà nínú àkáǹtì oníbàárà, kí báǹkì sì fi èsì ránṣẹ́ sí ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀ tààrà. Wọn kì í jẹ́ kí oníbàárà bá wọn dá sí i, torí bí ó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó lè yí i padà. Bó bá jẹ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé ọ lọ́wọ́, o ti wà nínú iṣẹ́ ọ́dítì láìmọ̀. Fi ẹ̀rín béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rán ọ: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lẹ́tà tí a fi ń béèrè iye àkáǹtì nìyí?" Bí o bá padà dé, béèrè ìgbà tí èsì máa ń dé àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í bí ẹnikẹ́ni nínú.

Wàyí o, bí o ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tó ń bu ọwọ́ lu lọ́gbúùkù rẹ ni kí o bá, kì í ṣe Àlàájì tó ni ọ́fíìsì, àyàfi bó bá jẹ́ òun náà ni. Bí o bá fò ó dá, ẹni tó wà láàárín ni yóò máa ṣe ọ̀gá rẹ fún oṣù tó kù, kò sì ní gbàgbé. Má lọ ní àárọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wá kọ́kọ́rọ́ fáìlì kiri, má lọ nígbà tí oníbàárà bá wà lórí ìjókòó. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni kí o yọ kúrò pátápátá. Ìwọ náà mọ bí Ìlọrin ṣe ń rí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀: bí ó bá ti di aago méjìlá, ọkàn ti kúrò ní ọ́fíìsì. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun Àìlà ni mo fara mọ́, tí ọ̀gá ti jẹun, tí ariwo ti rọlẹ̀. Gbé lọ́gbúùkù rẹ dání nígbà yẹn kí ó bu ọwọ́ lù ú, wàá ti tipa bẹ́ẹ̀ ní ohun tó gbé ọ wọlé láìjẹ́ pé o dìídì wá fẹjọ́ sùn.

Kúnlẹ̀ kí i bí o ṣe máa ń kí i lójoojúmọ́, má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ńlá kan ló ń bọ̀. Bí ó bá ní kí o dìde, dìde. Lẹ́yìn tó bá ti bu ọwọ́ lùwé tán, sọ nǹkan báyìí:

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọrọ nǹkan kékeré kan. Mo ti ń bá Àǹtí ṣe ẹ̀dà sítétímẹ́ǹtì báǹkì láti ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń rẹ́kọ́nsáìlì ní ilé-ìwé, àmọ́ mi ò tíì fi ìwé gidi ṣe é rí. Bí kò bá ní di yín lọ́wọ́, sà, ṣé mo lè rí oṣù kan péré gbà nínú èyí tí ẹ ti parí, kí n fi pẹ́ńsù ṣe é, kí ẹ wá fi wé tiyín? Inú ọ́fíìsì níbí ni màá ti ṣe é, mi ò ní fi fóònù ya ohunkóhun. Màá ti jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán mi kí n tó jókòó tì í."

Kí o wá dákẹ́.

"Nínú èyí tí ẹ ti parí" ni agbára ọ̀rọ̀ yẹn wà. Fáìlì ọdún tó kọjá, èyí tí wọ́n ti bu ọwọ́ lù, bí o bá ṣìṣe nínú rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, èsì rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ tí ọ̀gá lè fi wé tìrẹ láìṣe wàhálà. Mi ò tíì rí ọ̀gá tó rọrùn fún láti sọ pé rárá sí èyí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìrán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fi pamọ́ di ìgbà tó bá gbà. Bó bá ti ní "kò burú, mú ti oṣù kẹta", ìgbà yẹn ni kí o béèrè wákàtí wo ni o lè jókòó tì í, kí o sì mẹ́nu ba kíkó iṣẹ́ ìrán jọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ. Má sọ pé "mi ò tíì kọ́ nǹkan kan níbí", ẹ̀sùn ni. Má fi ẹlẹgbẹ́ rẹ tó wà ní ọ́fíìsì mìíràn ṣe àpẹẹrẹ. Má sì dárúkọ ITF, àjọ tó ń bójú tó aití, tàbí sùpáfáísọ̀ ilé-ìwé bí ẹni ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á. Òmíràn tún wà tó wọ́pọ̀ ní ìlú wa níbí: bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan ló sábà máa ń bá ènìyàn rí ibi aití, torí òun àti Àlàájì jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan tàbí wọ́n jọ wá láti Ọ̀fà. Bí o bá ní irú rẹ̀, á máa wù ọ́ kí o ní kí wọ́n bá ọ pe ọ̀gá. Má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pè é kí ìwọ tó sọ ọ́ fúnra rẹ, ohun tó máa yé ọ̀gá ni pé o ń gbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sílé. Bí nǹkan bá bọ́ sí i tán, lọ kí ẹni tó mú ọ débẹ̀, kí o sọ fún un pé ò ń rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Nípa lọ́gbúùkù: láti 1973 tí ITF ti dá ètò SIWES tí a ń pè ní aití sílẹ̀, ìdí tí a fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde ni kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ohun tí wọ́n kà. Ojoojúmọ́ ni kí o kọ ọ́, kí ọ̀gá sì bu ọwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má kọ ohun tí o kò ṣe. Àwọn ọmọ kan máa ń da ìwé ẹlẹgbẹ́ wọn kọ, wọ́n á kún un bámúbámú fún rẹ́kọ́nsáìlì àti ìwé owó oṣù. Sùpáfáísọ̀ á wá dé láti ilé-ìwé, á ṣí ojú-ìwé kan, á ní "ṣàlàyé èyí fún mi", ọ̀rọ̀ á sì pèsì jẹ. Ṣùgbọ́n má kọ "fọ́tòkọ́pì" nìkan náà. Kọ ọ́ pé o ṣe ẹ̀dà fáọ́ṣà ìsanwó fún fáìlì ọ́dítì, pé o ṣàkíyèsí pé fáọ́ṣà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, orúkọ ẹni tó gba owó àti ọwọ́ ẹni tó fàṣẹ sí i. Òótọ́ ni, ọ̀gá tó bá sì ń ka èyí kó tó bu ọwọ́ lù ú á rí i pé ojú rẹ wà nílẹ̀.

Bí ó bá gbà, má retí pé sítétímẹ́ǹtì ló máa kọ́kọ́ gbé fún ọ. Ó lè ní: "Kó àwọn fáọ́ṣà ọdún méjì yẹn, tò wọ́n ní nọ́ńbà-nọ́ńbà." Àwọn ọmọ kan á bínú, wọ́n á ní iṣẹ́ ìrán mìíràn tún nìyẹn. Rárá o, ó ń dán ọ wò ni. Tò wọ́n, kí o sì tẹ́ bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí o bá ti kọjá 0146 tí o bá 0148, kọ ọ́ sílẹ̀ pé 0147 kò sí. Bí o bá rí fáọ́ṣà tí kò ní rìsíìtì nídìí, kọ nọ́ńbà rẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá jẹ́ méjì, kọ ọ́. Nígbà tí o bá parí, kó fáìlì fún un, kí o sì fi bébà yẹn lé e lórí. Fáọ́ṣà tó sọnù jẹ́ ohun tí ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ bi oníbàárà léèrè, nítorí náà o ti bá a ṣe apá kan nínú iṣẹ́ tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí o ṣe é. Má ṣe sọ ọ́ síta pé ẹnì kan jí i o. Ó lè jẹ́ pé inú fáìlì mìíràn ló wà, tàbí pé wọ́n kọ ọ́ bàjẹ́ tí wọ́n fagi lé e.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ọ̀nà ti ń là ni pé wọ́n á dá iṣẹ́ rẹ padà pẹ̀lú bíìrò pupa. Ọ̀gá tó bá fi àmì sí àṣìṣe rẹ ti gbà láti kọ́ ọ. Èyí tó yẹ kó kọ ọ́ lóminú ni bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, tí ẹlòmíràn sì tún un ṣe láìsọ nǹkan kan fún ọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, lọ bá onítọ̀hún: "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo fẹ́ rí ibi tí mo ti ṣìṣe." Ìbéèrè náà kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí ó bá sọ pé rárá, tàbí pé kí o ní sùúrù kí àwọn parí ọ́dítì tó wà nílẹ̀, dúpẹ́, kí o sì béèrè ìgbà tí o lè rán an létí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì mú ohun tó kéré sí ti àkọ́kọ́: kí o jókòó ti Àǹtí fún wákàtí kan bí ó ṣe ń fi rìsíìtì wé fáọ́ṣà, kí o kàn máa kà á sókè fún un. Bí ẹ̀ẹ̀kejì náà kò bá ṣeé ṣe, dúró de sùpáfáísọ̀ ilé-ìwé, kí o sì bá a sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tó bá ń jáde lọ, kì í ṣe lójú ọ̀gá. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí mọ bí wọ́n ṣe ń fọgbọ́n sọ pé "inú wa á dùn bí ọmọ wa bá lè rí bí ẹ ṣe ń rẹ́kọ́nsáìlì kó tó padà."

Bí ó bá jẹ́ ilé ọ̀gá ni wọ́n ń rán ọ lọ lẹ́yìn iṣẹ́, tàbí ibi tí ara rẹ kò balẹ̀ sí, èyí kò sí nínú ohun tí a ń sọ yìí. Má dúró de Ọjọ́bọ̀ kankan, sọ ọ́ nílé àti ní ilé-ìwé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti kí o fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì SIWES ilé-ìwé rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i kí o tó kúrò, torí orúkọ ibi tó gbà ọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ sì ni sùpáfáísọ̀ máa wá. Oṣù mẹ́rin jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀. O ti lo márùn-ún. Ní tèmi, bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ kẹjọ, jókòó síbẹ̀ kí o parí rẹ̀, nítorí ibi tuntun náà máa gba ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ, ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì náà ni wọ́n á sì kọ́kọ́ fi ọ́ sí.